Ibi tí Gàrí Ọjọ́ Márùn-ún Dúró sí Lọ́jà

Gbólóhùn náà

Fún ará Èkó tó máa ń fi omi tútù mu gàrí, tó fẹ́ kí ó kan dáadáa, àmọ́ tí kíkan èyí tó rà lónìí kì í bá ti èyí tó rà lóṣù tó kọjá mu, Gàrí Ọjọ́ Márùn-ún ni gàrí Ìjẹ̀bú inú ọ̀rá tí kíkan rẹ̀ kì í yí padà. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fi ń kan kí a tó dín in, a sì ń wọn kíkan náà kí ọ̀rá kankan tó jáde. Gàrí inú abọ́ lọ́jà, àfi kí èèyàn tọ́ ọ wò kó tó mọ bó ṣe rí. Tiwa, ohun tó kà lára ọ̀rá ni yóò bá nínú ife.

Ibí ni gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọjà yìí yóò ti máa bẹ̀rẹ̀: ẹni tó ń ya ọ̀rá, ẹni tó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tà á níwájú Yabatech, àti àwọn tó ń dín in. Ìyókù ìwé yìí ń sọ ìdí tí a fi mú ọ̀nà yìí láàárín ọ̀pọ̀ ọ̀nà tó wà, àti ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí ó lè jẹ́ òtítọ́.

Ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀

Gàrí mímu ni a ń tà. Ẹni tó ń wá gàrí tí yóò fi tẹ ẹ̀bà fún ìdílé ẹni mẹ́fà, gàrí pupa tàbí gàrí funfun tí kò kan púpọ̀ ló ń wá, kóńgò tàbí àpò ló sì máa rà. Kì í ṣe pé a óò lé e padà, ṣùgbọ́n a kò ní torí rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ kankan padà lára ọ̀rá. Oníbàárà wa ni ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé nínú oòrùn, tó da gàrí sínú ife, tó bu omi tútù sí i, tó wá ẹ̀pà tàbí kúlíkúlì tì í. Akẹ́kọ̀ọ́ inú ọgbà wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, ìyá tó ń ra gàrí sílẹ̀ fún ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn onílé-gbígbé náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ ìtọ́wò gàrí Ìjẹ̀bú, a kò sì ní láti kọ́ wọn.

Ta ni a ń bá du ọjà?

Ó rọrùn láti wo pẹpẹ súpámákẹ́ẹ̀tì kí a ka oríṣiríṣi gàrí inú ọ̀rá tó wà níbẹ̀, kí a rò pé àwọn ni alábàádíje wa. Abọ́ gàrí ìyá ọjà ní Oyíngbo, ní Mushin àti ní Máìlì 12 ni alábàádíje wa gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó mọ gàrí mímu ti ń rà á. Ìyá ọjà náà sì ní ohun kan tí ọ̀rá kò ní: oníbàárà lè bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kó jù ú sẹ́nu, kó gbọ́ bó ṣe ń dún lábẹ́ eyín, kó mọ̀ bóyá ó kan. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò sún sí abọ́ kejì.

Ohun tí ọ̀rá gbà lọ́wọ́ oníbàárà nìyẹn, àwọn tó ń di gàrí kì í sì í fi nǹkan kan dípò rẹ̀. Wọ́n ń kọ "ojúlówó", "mímọ́ tónítóní", "kò ní yanrìn". Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dáhùn ìbéèrè tí àtẹ́lẹwọ́ ń béèrè. Àlàfo tí a rí nìyí, ibẹ̀ ni a sì ti fẹ́ dúró.

Ìyá ọjà náà ní àìlera tirẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Gàrí inú abọ́ rẹ̀ lè ti ọwọ́ ẹni mẹ́rin tó ń dín gàrí wá. Ọ̀kan ti jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan fún ọjọ́ méjì nítorí pé owó ń lé e, èkejì ti fi sílẹ̀ di ọjọ́ mẹ́fà. Àpò tó tú lónìí àti èyí tí yóò tú lọ́la kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Títọ́wò lè sọ bí ti òní ṣe rí fún oníbàárà. Kò lè ṣèlérí tọ̀la fún un.

Àwọn ìyàtọ̀ tí a gbé yẹ̀ wò tí a sì fi sílẹ̀

Ìmọ́tótó àti nọ́ńbà NAFDAC: wọ́n pọn dandan, wọn yóò sì wà lẹ́yìn ọ̀rá níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Ohun tí gbogbo ẹni tó ń di oúnjẹ gbọ́dọ̀ ní kì í ṣe ìyàtọ̀.

Òṣùwọ̀n tó pé: èyí dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí gbogbo ènìyàn ló mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. A fi sílẹ̀ pátápátá. Àwọn ìyá ọjà yìí náà ni a fẹ́ kó máa bá wa ta ọ̀rá kéékèèké. A kò lè fi ẹnu kan pè wọ́n ní alájọtà, kí a fi ẹnu kejì pè wọ́n ní onírẹ́jẹ.

Ìlera: a kò ní sọ ọ́ rárá. Àwọn kan gbà gbọ́ pé gàrí ń ba ojú jẹ́. Ẹni tó bá kọ ọ́ sára ọ̀rá pé tòun kì í ba ojú jẹ́ ti rán gbogbo òǹkàwé létí ẹ̀rù yẹn. Ìlànà Codex, àjọ tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ fún gbogbo àgbáyé, fún gàrí ní kí májèlé sáyánáìdì má ju 2 mg lọ nínú kílò kan, a ó sì máa tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ inú ilé dídín nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpolówó.

Ohun tó ń mú kí ìlérí náà dúró

Bí ìlérí yìí bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọjà náà ti kú. Nítorí náà, kí àwọn tó ń dín gàrí ka apá yìí ju gbogbo ìyókù lọ.

Ọjọ́ márùn-ún ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́ tán tí a dì í sínú àpò, kì í ṣe láti ìgbà tí a bá gbé e dé. Kọ ọjọ́ àti wákàtí sára àpò. Òtútù ni ọ̀tá wa: nígbà òjò, kíkan máa ń falẹ̀, ẹ̀gẹ́ ọjọ́ márùn-ún nínú oṣù Keje sì lè má kan tó ti oṣù Kejì. Gbé àpò kúrò lórí sìmẹ́ǹtì sórí pákó, fi tapólì bò ó, kí o sì po ẹ̀gẹ́ díẹ̀ láti inú àpò tó ti kan tẹ́lẹ̀ mọ́ èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rin. Àwọn kòkòrò aláìlèfojúrí tó ń mú un kan yóò ti wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò fi jáàkì fún omi rẹ̀ gbẹ, kí a jọ̀ ọ́, kí a dín in.

Nítorí pé ọjọ́ nìkan kò tó ẹ̀rí, a ó máa wọn kíkan gbogbo ìdín, ìyẹn gàrí tí a dín lẹ́ẹ̀kan. Codex fi í sí láàárín 0.6 àti 1 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a bá fi ásíìdì inú wàrà kíkan ṣe òṣùwọ̀n. Àwa fẹ́ kí tiwa wà nítòsí 0.9. Rẹ 10 g gàrí sínú 100 ml omi tí a sè tí a sì jẹ́ kó tutù, rò ó, sẹ́ ẹ. Mú 25 ml nínú omi náà, kán finọfutalíìnì, oògùn tó ń fi àwọ̀ hàn, sí i, kí o sì máa kán sódíọ̀mù áídírọ́ksáìdì 0.1 M sí i títí yóò fi pọ́n díẹ̀ tí kò sì ní í ṣí. Bí o bá lo 2.5 ml, ó ti bọ́ sójú ibi tí a ń wá. Láti 2.2 dé 2.7, a gbà á. Èyí tó bá wà lóde ìyẹn, a ó tà á ní àpò fún àwọn tó ń tà á lójú abọ́, láìsí orúkọ wa lára rẹ̀.

Ọ̀rinrin rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Codex fàyè gba 12, nítorí gàrí tó bá rọ̀ kì í dún lẹ́nu, ẹni tó ń mu ún yóò sì sọ pé kò kan kódà bó bá kan. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni kí a dì í nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́: ooru yóò di omi lára ọ̀rá nínú, gàrí yóò mu omi náà, ó sì lè bu. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Bí yóò ṣe hàn sí ẹni tó ń rà á

Iwájú ọ̀rá: nọ́ńbà 5 gàgàrà, "ọjọ́ márùn-ún ló fi kan" lábẹ́ rẹ̀, àti ojú kan tó mọ́ gaara kí gàrí hàn. Kí ẹni tó ń yà á má ṣe fi ewé, iná ìdáná tàbí arúgbó aláṣọ òfì sí i. Ọ̀rá 500 g àti 1 kg ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá 50 g wà fún títọ́wò, a kò sì ní tà á: gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó bá gba páálí kan gbọ́dọ̀ gba ogún nínú rẹ̀ láti pín. Títọ́wò tí a gbà lọ́wọ́ oníbàárà, a ní láti dá a padà.

Owó rẹ̀, tí a bá fi kílò wé kílò, kò gbọdọ̀ ju ti gàrí Ìjẹ̀bú inú abọ́ ní ọjà tó sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù náà lọ pẹ̀lú ìdá márùn-ún. Bó bá gbẹ́sẹ̀ kọjá ibẹ̀, ẹni tó mọ gàrí yóò padà sídìí abọ́, àwọn tó kù yóò jẹ́ ẹni tó ń ra ọ̀rá fún ẹwà rẹ̀.

Bí ẹni tó ń tà á bá bá oníbàárà pàdé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó: "Ẹ kú oòrùn mà. Ọjọ́ márùn-ún ni eléyìí fi kan. Ẹ tọ́ ọ wò, bó ṣe rí yìí náà ló máa rí nígbà míì." Kó dákẹ́ síbẹ̀, kó jẹ́ kí ẹnu wọn ṣiṣẹ́.

Bí a ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́

Fi ọ̀rá han ẹni tí kò rí i rí, gbà á padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kí o bi í pé kí ni wọ́n ń tà. Bó bá ní "gàrí tó mọ́", ọ̀rá náà kò sọ ohun tó yẹ. Bó bá mẹ́nu kan kíkan tàbí ọjọ́, ó ti gbọ́.

Ìdánwò kejì le jù, oṣooṣù ni a ó sì máa ṣe é. Gbé ife mẹ́ta fún ẹni 24 lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì láti inú ìdín kan, ìkẹta láti inú ìdín mìíràn, kí omi àti ìwọ̀n gàrí dọ́gba. Ní kí wọ́n mú èyí tó yàtọ̀. Ẹni mẹ́jọ lè fi àbá mú un. Bó bá di 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdín méjèèjì kò bára mu, kí ilé dídín wá ìdí rẹ̀ kí ìdín tuntun tó jáde.

Àwọn ẹlòmíì lè rí nọ́ńbà wa kí wọ́n kọ 6 tàbí 7 sára tiwọn. A kò ní fi ọjọ́ kún tiwa láti bá wọn sáré. Ohun tí a ó ṣe ni pé a ó máa tẹ ìwọ̀n kíkan ìdín kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí a dì í, èyí tí ẹni tí kì í wọn tirẹ̀ kò lè kọ.