Ìrìn Àjò Mímọ́ Lórí Ìloro: Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Túmọ̀ Ìdí àti Ìtumọ̀ Ìrìn Àwọn Olùjọ́sìn

Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìparí sáà, Ẹ̀kọ́ Ìsìn àti Àwùjọ

Ìbéèrè méjì ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń dà pọ̀ bí wọ́n bá ń kọ̀wé lórí ìrìn àjò mímọ́. Kí ló gbé ẹni náà kúrò nílé? Kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà? Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níbí ni pé àríyànjiyàn tó wà láàrin Victor Turner, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá tó ní ìrìn àjò mímọ́ ń sọ àwọn arìnrìn-àjò di ọlọ́gbọọgba, àti àwọn tó takò ó pé ìfigagbága wà níbẹ̀, kò ní le tó bó ṣe le bí a bá ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀. Ilé ni ìdí ìrìn àjò ti ń wá. Òfin, aṣọ, ọ̀nà jíjìn àti ara tó ti rẹ̀ ló ń gbé ènìyàn dé orí ìloro, ìyẹn ipò àárín láàrin ibi tó ti kúrò àti ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣe ẹ̀rí èkejì yóò ṣi àwọn arìnrìn-àjò lóye.

Ọ̀dọ̀ Arnold van Gennep, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1909, ó ṣàlàyé pé àwọn ètò ìsìn tó ń gbé ènìyàn láti ipò kan bọ́ sí òmíràn ní ipele mẹ́ta: ìyapa, ìdúró láàrin, àti ìpadàwọlé. Turner, tó ti ṣèwádìí láàrin àwọn Ndembu ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Sáḿbíà lónìí, mú ipele àárín yẹn, ó sì sọ ọ́ di ọkàn iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wà lórí ìloro ti kúrò níbi tó wà, kò sì tíì dé ibi tó ń lọ. Oyè, ọrọ̀ àti ipò ti bọ́ lára rẹ̀. Láàrin irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni Turner sọ pé ìrẹ́pọ̀ ọlọ́gbọọgba ti máa ń hù, níbi tí ènìyàn ti ń rí ọmọnìkejì rẹ̀ bí ènìyàn, tí kò wo ti ọ̀gá tàbí ti ọmọ ọ̀dọ̀. Nígbà tí òun àti Edith ìyàwó rẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí ìrìn àjò àwọn Kristẹni ní 1978, wọ́n fi àlàyé kan kún un: ìrìn àjò yìí jọ ipò orí ìloro, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an, nítorí pé ẹni tó ń lọ ló fínnúfíndọ̀ yàn án.

Hajj ló jẹ́ kí n rí agbára àlàyé Turner dáadáa. Òun náà ló jẹ́ kí n rí ibi tó ti kù. Ọkùnrin tó bá ti wọ ìhúráámù ti bọ́ gbogbo aṣọ rírán sílẹ̀. Aṣọ funfun méjì péré ló kù lára rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gé irun tàbí èékánná, kò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà, kò gbọdọ̀ bá aya rẹ̀ lò pọ̀, kò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni jà. Ó dúró ní Àráfà ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Súlúhíjà. Lẹ́yìn náà ni yóò fá orí tàbí gé irun, tí yóò sì padà sínú aṣọ tirẹ̀. Bí ẹni ń ka van Gennep ni. Nínú lẹ́tà tí Malcolm X kọ láti Mẹ́kà ní 1964, ó ní òun bá àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ funfun jẹun nínú àwo kan náà, lọ́nà tí òun kò rò pé ó ṣeé ṣe rí nílé. Bẹ́ẹ̀, Hajj kì í ṣe ohun tí ènìyàn kàn yàn. Ọ̀ranyàn ni fún ẹni tó bá lágbára rẹ̀. Ìrìn àjò tó bá àwòrán orí ìloro mu jù lọ ni kò bá ọ̀rọ̀ àfínnúfíndọ̀ṣe mu. Ohun tí èyí sọ fún mi ni pé òfin tí gbogbo wọn jọ wọ̀ sínú rẹ̀ ló ń dá ipò náà sílẹ̀, ohun yòówù tí kálukú ìbáà ní lọ́kàn.

Ìwé tí John Eade àti Michael Sallnow jọ ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1991 ni àtakò tó lágbára jù lọ sí Turner. Ní ojú wọn, ojúbọ mímọ́ dà bí àwo òfìfo tí oníkálukú ń bu ìtumọ̀ tirẹ̀ sí: àlùfáà, aláìsàn, olùrànlọ́wọ́, ará ìlú, olùṣàkóso. Sallnow ti rí i ní àwọn òkè Andes ní Pẹ́rù pé àwùjọ ìlú-ìlú ni wọ́n ń bá ara wọn lọ, pé ààlà tó wà láàrin wọn nílé kì í pa rẹ́ lọ́nà, àti pé ìfigagbága sábà máa ń wà níbẹ̀. Ní Lourdes, ojúbọ àwọn Kátólíìkì ní ilẹ̀ Faransé, èrò àwọn aláṣẹ nípa bó ṣe yẹ kí nǹkan lọ àti èrò àwọn tó wá wẹ̀ nínú omi ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀rí wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ojúbọ ni wọ́n gbájú mọ́ jù. Ọ̀nà ni Turner wò jù. Simon Coleman ṣàkíyèsí ní 2002 pé àwọn onímọ̀ ti sọ ìrẹ́pọ̀ àti ìfigagbága di ìgbàgbọ́ méjì tí ènìyàn gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú wọn. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Nínú gbogbo ìwé tí mo kà, ti Ann Grodzins Gold, tó jáde ní 1988, ló yí èrò mi padà jù. Ó gbé pẹ̀lú àwọn ará abúlé kan ní Rajasthan, ní Íńdíà, ó sì bá wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibi mímọ́. Ìwé ìsìn ń sọ nípa ìdáǹdè ẹ̀mí. Iṣẹ́ ilé ni àwọn ènìyàn yìí ń gbé lọ ní tiwọn. Wọ́n gbé egungun òkú wọn lọ sínú odò Gáńjì, wọ́n sì bu omi odò náà bọ̀ wálé fún ayẹyẹ. Kò sí ẹni tó já okùn ilé sílẹ̀ nínú wọn. Síbẹ̀ wọ́n sọ pé ìrìn náà ń mú ènìyàn fúyẹ́: oorun tí kò tó, oúnjẹ tí kò tó, ìjókòó híhá nínú bọ́ọ̀sì, omi mímọ́ tí wọ́n ń wẹ̀ léraléra, owó tó ń jáde lápò lójoojúmọ́. Wọn kò tìtorí ìfúyẹ́ yẹn kúrò nílé, ó kàn bá wọn lọ́nà ni. Bí Gold bá ti ìdí tí wọ́n sọ wo ìrìn náà nìkan, kò ní rí i. Bó bá sì jẹ́ ipò orí ìloro nìkan ló ń wá, yóò fi egungun òkú sílẹ̀ láìmẹ́nu bà á.

Lójú ọ̀nà tí àwọn Kristẹni ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ojúbọ Santiago ní Sípéènì, Nancy Frey (1998) pàdé àwọn tí ìgbéyàwó wọn tú, àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, àwọn tí eré ìdárayá gbé wá. Ọ̀pọ̀ wọn kò wá nítorí ìsìn. Ọ̀nà kan náà, àpò ẹ̀yìn kan náà, ẹsẹ̀ tó lé ròrò kan náà ló sọ wọ́n di ọ̀rẹ́. Àwọn kan náà ló tún ń fojú kéré ẹni tó fi ọkọ̀ wá. Ìrẹ́pọ̀ àti ìfigagbága ń gbé nínú ẹni kan náà nìyẹn.

Ibi tó ṣòro jù fún ìlànà ipele mẹ́ta ni erékùṣù Shikoku ní Jàpáànì, tí Ian Reader kọ̀wé lé lórí ní 2005. Tẹ́ńpìlì 88 ló yí erékùṣù náà ká. Aṣọ funfun tí arìnrìn-àjò ń wọ̀ jẹ́ aṣọ òkú; ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ dúró fún Kōbō Daishi, ẹni mímọ́ tí wọ́n gbà pé ó ń bá gbogbo wọn rìn. Kò sí àmì orí ìloro tó hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òbìrípo ni ọ̀nà náà, kò ní ìparí kan pàtó, ọ̀pọ̀ ló sì ń padà lọ léraléra títí tí àwọn kan fi ń pe ìfẹ́ náà ní àìsàn. Fún irú wọn, ìpadàwọlé van Gennep kò ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé ìrìn wọn kùnà. Ohun tó yẹ kí olùwádìí tọ́pa ní ibẹ̀ ni bí ilé àti ọ̀nà ṣe ń pín ìgbésí ayé ẹnì kan láàrin ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, dípò kí ó béèrè ìdí tó fi kúrò nílé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì fi ìdáhùn yẹn túmọ̀ gbogbo ìrìn tó kù.