Ewì inú ìwé Bàbá: ìtumọ̀ rẹ̀, àti ibi tí ohùn rẹ̀ ti sọnù

Àǹtí Folúkẹ́, ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Ẹ kú ìnáwó ìsìnkú Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjọ́ wọn jìnnà síra.

Fọ́tò ojú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Liverpool ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti túmọ̀ ewì náà, èyí tí Robert Louis Stevenson kọ ní èdè Òyìnbó. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún atẹ̀wé ní Abẹ́òkúta kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí tán. Ohun tí ewì náà ń sọ wọ inú Yorùbá dáadáa. Bó ṣe ń rìn ni kò tẹ̀ lé e wá. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ìwé ètò ìsìn mú, kó rò pé bí èyí ṣe ń dún náà ni èyí tí Bàbá máa ń kà sókè nínú ọkọ̀ òkun ṣe ń dún.

Fọ́tò náà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà mẹ́jọ ni ewì yìí, ẹsẹ méjì, ìlà mẹ́rin-mẹ́rin. Òjìji ọwọ́ tó di fóònù mú bo ìparí ìlà kẹrin, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn níbẹ̀. Ìparí ìlà kẹjọ hàn kedere: bí a bá fi etí Yorùbá kọ ọ́, "híl" ni, òkè nìyẹn. Ìlà kẹrin àti ìkẹjọ ni akéwì so ohùn wọn pọ̀, nítorí náà "wíl", ìfẹ́ inú, ló ní láti wà lábẹ́ òjìji yẹn. Mo wo ẹ̀dà mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ohùn ìparí ìlà tí mi ò rí gbé wá sínú Yorùbá ló bá mi ka ojú ìwé náà.

Ní ìlà keje, ìwé Bàbá ní ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣáájú òkun tí kò sí nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti ọdún 1887. Àṣìṣe yìí pọ̀ káàkiri, ó tilẹ̀ wà lára ibojì akéwì náà fúnra rẹ̀. Yorùbá kò nílò ọ̀rọ̀ náà, kò sì yí ìtumọ̀ mi padà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ tẹ ti Òyìnbó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ bá wọn yọ ọ́. Sílébù mẹ́jọ ni ìlà yẹn ní. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sọ ọ́ di mẹ́sàn-án, ìlà náà sì kọsẹ̀.

Stevenson tó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ Edinburgh tí wọ́n bí ní 1850. Àìsàn ò jẹ́ kó gbádùn láti kékeré, ó ń wá ibi tí ara á ti tù ú kiri títí tó fi dé erékùṣù Samoa. Ibẹ̀ ló kú sí ní oṣù Kejìlá 1894. Wọ́n sin ín sórí òkè Vaea, níbi tí ènìyàn ti ń rí òkun. Àwọn ará Samoa túmọ̀ ewì yìí sí èdè wọn, wọ́n sì ń kọ ọ́ lórin ọ̀fọ̀. Ìyẹn fún mi ní ìgboyà díẹ̀.

Èyí ni ìtumọ̀ tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ lè mọ ohun tó wà nínú ìwé gan-an:

Lábẹ́ sánmà tó fẹ̀, tó kún fún ìràwọ̀,
Ẹ gbẹ́ sàréè, ẹ jẹ́ kí n dùbúlẹ̀.
Tayọ̀tayọ̀ ni mo gbé ayé, tayọ̀tayọ̀ ni mo kú,
Mo sì fi tọkàntọkàn tẹ́ ara mi sílẹ̀.

Èyí ni ẹsẹ tí ẹ ó gbẹ́ fún mi:
Ó dùbúlẹ̀ síbi tí ọkàn rẹ̀ ti ń fà sí;
Atukọ̀ ti dé ilé, ó ti ojú òkun dé,
Ọdẹ náà ti ti orí òkè dé ilé.

Èyí ni mo ṣe fún kíkà sókè lẹ́bàá sàréè:

Sánmà tẹ́ gbalasa, ìràwọ̀ lọ súà,
Abẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbẹ́ sàréè mi sí.
Mo fayọ̀ gbáyé, mo fayọ̀ kú,
Tinútinú ni mo fi fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ẹ gbẹ́ ọ̀rọ̀ yìí sórí òkúta mi:
Ibi tó wù ú ló sùn sí;
Atukọ̀ dé, ó tòkun délé,
Ọdẹ dé, ó tòkè délé.

Ó yá, ohun tó sọnù. Nínú ti Òyìnbó, ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ parí sí "skái", "lái", "dái": sánmà, dídùbúlẹ̀, ikú. Ohùn kan náà ló so wọ́n, bíi ìgbà tí ènìyàn bá kan ìṣó mẹ́ta lójú kan. Ní ẹsẹ kejì, "mí", "bí", "sí" ló wà níbẹ̀. Ìlà kẹrin ẹsẹ kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò bá àwọn mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ dún, ti ẹsẹ kìíní sì ń dúró de ìlà kẹjọ kó wá dá a lóhùn. Ìdádúró yẹn ni ọgbọ́n ewì náà, torí pé bí "híl" ṣe ń dún ni etí ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé ilẹ̀kùn ti tì. Nínú tèmi, súà, sí, àti kú kò bára wọn dún rárá. Mo gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tí mo bá fipá mú wọn dún bákan náà, ọ̀rọ̀ náà ń di ti ọmọdé tó ń ṣeré òṣùpá, kò sì yẹ ìsìnkú. Mo fi sílẹ̀.

Ìrìn rẹ̀ náà sọnù. Òyìnbó ń tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀, á fo òmíràn. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú ìlà mẹ́ta tó ṣáájú, mẹ́ta péré ló wà nínú ìkẹrin, bí ẹni tó rìn títí tó wá jókòó. Yorùbá kì í tẹ sílébù mọ́lẹ̀ báyẹn, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé tiwa. Ìlà tèmi kò tilẹ̀ gùn bákan náà: sílébù méjìlá ló wà nínú ìlà kìíní, mẹ́jọ ló wà nínú ìlà ìkẹyìn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó máa kúrú lọ sí ìsàlẹ̀, kí ìjókòó yẹn lè wà níbì kan, ṣùgbọ́n àfidípò ni, kì í ṣe òun gan-an.

Ní ìlà kẹfà, ìfẹ́ tó pẹ́ lọ́kàn ni Òyìnbó sọ, àárò tó ń mú ènìyàn láti ọdún pípẹ́. "Tó wù ú" fúyẹ́ sí i. Bí mo bá kọ "tó ti ń wù ú tipẹ́", ìtumọ̀ á dára, ìlà á wá gùn kọjá àwọn tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ tipẹ́ yẹn ló bá Bàbá mu jù, torí bí wọ́n ṣe ń dárúkọ Abẹ́òkúta ní gbogbo èbúté, ẹ fi sí i. Mi ò ní bínú.

Àwọn ohun kan wà tí Yorùbá fi kún un tí kò sí lọ́wọ́ akéwì, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ wọ́n pẹ̀lú. Òyìnbó lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún sàréè ní ìlà kejì àti fún fífín ọ̀rọ̀ sára òkúta ní ìlà karùn-ún. Mo rò pé ìyẹn ti lọ pátápátá, àfi ìgbà tí mo rí i pé a ń gbẹ́ ilẹ̀, a sì ń gbẹ́ ère. "Gbẹ́" bá wa mú un, ìdí nìyẹn tí mo fi lò ó níbi méjèèjì. Bákan náà, "lélẹ̀" ní ìlà kẹrin àti "délé" ní ìkẹjọ fẹ́ jọ ara wọn, wọn ò kàn jọ tán, torí ohùn wọn yàtọ̀. Ilẹ̀ ló wà nínú èyí àkọ́kọ́, ilé ló wà nínú èkejì. Ẹ wo òkun àti òkè náà tí wọ́n jókòó lábẹ́ ara wọn. Òkè òkun ni Bàbá lò jù nínú ayé wọn, ó sì wà nínú ìlà méjì yẹn fún ẹni tó bá gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n òkè yẹn lè ṣini lọ́nà. Ẹ̀gbá tó bá gbọ́ ọ á rántí Olúmọ. Àwọn ọdẹ tó bá wà níbẹ̀ á rò pé a fẹ́ sun ìrèmọ̀jé fún ọdẹ tó kú, Bàbá ò sì gbé ìbọn rí. Ẹ jẹ́ kí olùkà sọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣáájú, pé àfiwé ni.

Ẹ bi mí bóyá ẹgbẹ́ akọrin lè fi ohùn orin ìsìn Òyìnbó kọ ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, "ọkọ̀" tó wà nínú atukọ̀ á di ọkọ́ tí a fi ń roko. Ohun tí olóògbé T. K. E. Phillips, tó ta dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 di 1962, ń bá àwọn ìjọ sọ nìyẹn, pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bá lè dá ohùn tuntun fún un, ó dára. Bí kò bá sí, kíkà ló yẹ ẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. "Ó" ni mo lò ní ìlà kẹfà sí ìkẹjọ, torí Bàbá fúnra wọn ló ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí a kọ, kò sí àgbà tó ń pe ara rẹ̀ ní "wọ́n". Ṣùgbọ́n bí ọmọ-ọmọ bá dìde tó ní "ó sùn sí", àwọn ẹbí á wo ara wọn lójú. Fún àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á báyìí:

Ibi tó wù wọ́n ni wọ́n sùn sí;
Atukọ̀ dé, wọ́n tòkun délé,
Ọdẹ dé, wọ́n tòkè délé.

Sílébù kan ló fi gùn sí i, ní ìlà àkọ́kọ́ nìkan, ó sì dùn ún kà. Àmọ́ bí Ìyá Àgbà bá lè ka èyí tó ní "ó", ìyẹn ló wù mí jù. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ni wọ́n, àwọn nìkan ló kù tó lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọn ò gbọ́ Òyìnbó, ìdí nìyẹn tí mo fi yẹra fún ọ̀rọ̀ ìwé nínú rẹ̀. Ẹ kà á fún wọn lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n sórí.

Bàbá fa ìlà sábẹ́ ìlà keje pẹ̀lú pẹ́ńsù, wọ́n sì kọ nǹkan sí etí ìwé. Mo rí "Apápá", ọjọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló bọ́ sínú ìṣẹ́po ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́ ojú ìwé náà dáadáa lẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ tún fọ́tò ibẹ̀ yà fún mi ṣáájú ọjọ́ Ẹtì, kí n lè fi ọjọ́ náà sábẹ́ ewì nínú ìwé ètò ìsìn.