Àbá mẹ́ta fún ètò pọ́díkáàsì wa

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn àbá tí mo ṣèlérí fún yín nìyí. Mẹ́ta ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ó tètè rí èyí tí ọkàn mi fà sí. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi ara mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni pé: ta ló máa gbọ́ ọ, níbo ló máa wà, kí ló máa ń ṣe lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ ìdílé tó ti pẹ́ ní Houston àti ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Manchester wá kàwé kò jọra. Tí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ń retí wa lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó tó mi.

Ẹ KÚ ÀÌSÙN

Àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ní ìlú ọba níbí la ṣe é fún: àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, nọ́ọ̀sì, sìkọ́ríìtì, àwọn tó ń gbá ọ́fíìsì. Ìṣẹ́jú 25 ni, á máa jáde ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ń múra tàbí tí wọ́n wà nínú bọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ rèé:

"Ẹ kú àìsùn o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí kọ́rídọ̀, tẹ́ ẹ ń retí kí Bàbá tẹ aago ìpè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró sí ìdí bọ́ọ̀sì ní Peckham nínú òtútù, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ fi íápíìsì sí etí kan, kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀ fún iṣẹ́. A ò ní pariwo. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ tílẹ̀ á fi mọ́."

Torí etí kan yẹn, kò gbọdọ̀ sí orin tó ń bú jáde lójijì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń to ohùn, ẹ bá mi ṣọ́ ibẹ̀ gan-an.

A ó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn tí àwọn olùgbọ́ fi ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù, kí wọ́n máa kí ara wọn. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ká tú u dé gbòǹgbò. Àwọn ará ilé tó ń pè lọ́sàn-án gangan, nígbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, pé owó iléèwé ti tó. Oorun ọ̀sán nínú ilé tí ọmọdé wà. Èyí tó wù mí jù ni ti arúgbó téèyàn ti ń tọ́jú bọ̀, tó wá dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní aago mẹ́ta òru. Ẹni náà á palẹ̀ ẹ̀ mọ́, á kọ ọ́ sínú ìwé, á sì lọ dá aago ìpè yàrá kejì lóhùn. Ta ló ń kí i kú àfẹ́kù? Àwa ni ká kí i.

Ká tó kí wọn pé ó dàárọ̀, ká sọ ẹ̀tọ́ kan fún wọn. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́fà lọ lóòjọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ogún ìṣẹ́jú, ìsinmi ọdọọdún pẹ̀lú owó sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 5.6. Àwọn míì ò mọ̀ ọ́n.

ÀLỌ́ INÚ MỌ́TÒ

Ti òbí tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé nìyí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àlọ́ kan, oríkì kan: Àjàní lónìí, Àbẹ̀kẹ́ lọ́la. Tí mo bá pa á pé "Òkun ń hó yeeyee, ọ̀sà ń hó yeeyee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́," a ó dákẹ́ díẹ̀ kí ọmọ ronú kó tó gbọ́ "ọmọrogùn". Tí kò bá tíì rí ọmọrogùn rí, ìyá ẹ̀ á fi hàn án nílé lálẹ́.

LÁTI BÀHÍÀ DÉ PÓPÓ ÀGÙDÀ

Apá mẹ́fà péré, kó sì parí síbẹ̀. Àwọn obìnrin aláṣọ funfun tó ń dín àkàrà nínú epo pupa ní Salvador, iṣẹ́ tí ìjọba Brazil fi sínú ìwé ogún ìlú ní 2005; àwọn ọmọ wa tó padà láti Brazil wá tẹ̀dó sí Erékùṣù Èkó; fùréjọ̀nù tí wọ́n ń fi ẹ̀wà àti wàrà àgbọn sè ní Jímọ̀ọ́ Rere. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó nílò ẹni tó gbọ́ èdè Potogí àti owó ìrìn àjò. Ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ Kú Àìsùn ni kí a bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ká gba apá mẹ́rin sílẹ̀ ká tó gbé ìkínní jáde, kí a má baà ja ẹnikẹ́ni kulẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Iye ohùn tó bá padà wá la ó máa fi díwọ̀n ara wa. Ṣé aago mẹ́ta ọ̀sán yín ní Sátidé yìí á rọ̀ yín lọ́rùn? Aago mẹ́sàn-án alẹ́ tiwa nìyẹn, àwọn ọmọ á ti sùn.