Òṣómàáló Ojú Irin

Oṣù mẹ́rin ni Mofẹ́ ti dé láti Ìbàdàn kí n tó mọ ohun tó ń ṣe lórí fóònù. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ mú un lọ. Ọmọ ọdún méjìlá ló padà sí Iléṣà, ó ti ga dé èjìká mi, ó sì ń kí mi bí ayálégbé ṣe ń kí onílé. "Ẹ káàárọ̀, sà." "Ẹ káalẹ́, sà." Láàárín méjèèjì, fóònù ni. Ìyá rẹ̀ ní ojú ló ń tì í. Ojú ọmọ ń ti bàbá tó bí i?

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, mo bá yọjú wò ó. Ọmọkùnrin kan ń sáré lójú irin reluwé, ọlọ́pàá kan àti ajá ń lé e.

"Kí ló jí?"

"Kò jí nǹkan kan, sà. Ara ọkọ̀ ló fi ọ̀dà kùn."

"Kí ló dé tí kò dúró bẹ̀bẹ̀?"

Ó wò mí fẹ̀ẹ̀, ó sì yí ẹ̀yìn fóònù sí mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, mo ní kí Ṣẹ́gun, ọmọ iṣẹ́ mi, bá mi gbé eré náà sórí fóònù tèmi. Subway Surfers ni wọ́n kọ síbẹ̀. "Ẹ fa ìka sí òsì, sí ọ̀tún. Ẹ fà á sókè kó fò, ẹ fà á wálẹ̀ kó yí gbirigbiri." Ìka tó ti fi ogún ọdún wọn áńkárá kò mọ ìfà kékeré. Mo sọ ọmọ yẹn lu reluwé títí ọ̀sán fi pọ́n. Oníbàárà kan fẹ́ ra yáàdì mẹ́fà, mo ní kó dúró ná, ọkọ̀ ń bọ̀. Ó wẹ̀yìn wò, kò rí ọkọ̀ kankan.

Ṣùgbọ́n ìka nìkan kọ́ ni wàhálà mi. Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Ó máa ń ru aṣọ lọ sí Èkìtì, á tà á láwìn, tí ọjọ́ owó bá pé, á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gbowó rẹ̀. Nílé tiwa, ẹni tó ń lé ènìyàn la máa ń gbàdúrà fún. Nítorí náà, bí ọlọ́pàá bá ti gbá ọmọ yẹn lọ́rùn mú, inú mi á dùn díẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ń sá yẹn o!" Ṣẹ́gun ń pariwo.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, bí a ṣe ń jẹ iyán lọ́wọ́, mo rọra gbé fóònù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ̀, máàkì mi ló wà lójú rẹ̀: 61,480.

"Ta ló bá yín ta á, sà?"

"Èmi."

Ó fọ ọwọ́ kíákíá. "Ẹ jẹ́ n rí i." Mo bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ méjì yọ níwájú, mo ti ń ṣe họ́ọ̀, ló bá di àtàńpàkò mi mú, ó fi tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì, kíá-kíá. Pátákó kan yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ yẹn. Mo forí sọ ọkọ̀, pátákó fọ́, èmi kò kú.

"Ẹ ò mọ bọ́ọ̀dù? Láti ọ̀sẹ̀ méjì?" Ẹ̀rín pa á. Kò tíì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. "Ẹ fò! Dádì, ẹ fò, ẹ fò!"

Ìyá rẹ̀ sáré jáde láti ìdáná, ó rò pé ejò wọlé.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ ìtàn bàbá bàbá mi fún un. Kò gbà á gbọ́ pé ènìyàn lè lóṣòó mọ́jú. Ó dán an wò níwájú tẹlifíṣọ̀n. Kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ó ṣubú sẹ́yìn. A ní kí olúkúlùkù ta ẹ̀ẹ̀mẹta. Òun ta tirẹ̀ tán. Èmi sùn lọ sórí àga lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì.

Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, mo ṣílẹ̀kùn yàrá láti lọ bọ́jú, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá nǹkan. Mofẹ́ ni. Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó gbé fóònù lé orúnkún.

"Dádì, ẹ jẹ mí ní ẹyọ kan."

Mo ní kó jẹ́ kí n bọ́jú ná.

Kò yẹ̀ lọ́nà.