Lẹ́tà sí Bàbá onílé wa lórí omi àti páìpù tó bàjẹ́, àti ẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ bá wa dín owó ilé kù

Fúláàtì kejì, ìsàlẹ̀,
Ilé alájà kan yín ní Abúlé-Ẹ̀gbá,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
17 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Sí Bàbá onílé wa,
Abẹ́òkúta.

Dádì mi,

Ẹ kú àárọ̀ sà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé orí fóònù la ti máa ń sọ̀rọ̀, tí mo bá sì pè yín ẹ máa ń gbé e, ìyẹn ò ṣe é gbàgbé, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ti fóònù, oṣù kẹjọ rèé tá a ti wà lórí ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè wà lọ́wọ́ yín kó wà lọ́wọ́ tèmi náà.

Ọ̀rọ̀ omi ni sà. Láti ìparí oṣù kẹta ọdún yìí ni tápù kíṣìnì àti ti bálùwẹ̀ wa ò ti dá omi gidi jáde mọ́. Tí wọ́n bá fa omi sí tánkì òkè tó sì kún dé ẹnu, àwọn tó wà lókè ń fọ aṣọ, wọ́n ń wẹ̀, tiwa nísàlẹ̀ á kàn húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, á pọ afẹ́fẹ́, á wá kán omi pupa díẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tán. Omi pupa yẹn ni mo kọ́kọ́ fi ṣan ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọmọ mi fún ilé ìwé láìmọ̀, àmì ìpẹtà ẹ̀ ò kúrò níbẹ̀ títí dòní, mo fi ọṣẹ, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́, kò lọ.

Pulọ́ḿbà tí mo pè ní oṣù kẹfà gé páìpù náà lábẹ́ síńkì, ó sì fi inú ẹ̀ hàn mí. Dádì, páìpù onírin ni, ti ìgbà tẹ́ ẹ kọ́lé yẹn náà, ìpẹtà ti dì í nínú yípo yípo débi pé ojú ihò tó kù, bairó lásán ló lè gbà á kọjá. Ó ní bó ṣe rí nìyẹn láti ẹnu tánkì wá títí dé ọ̀dọ̀ wa, pé gígé ibi kan lẹ̀ ẹ́ ò lè ràn án, àfi kí wọ́n pa gbogbo laìnì yẹn tì kí wọ́n fi páìpù oníke sí i. Ẹ máa rántí pé ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀ fáwọn ará òkè ní 2022, ìdí tí tiwọn fi ń yọ dáadáa nìyẹn. Ìsàlẹ̀ nìkan ló kù. Mo ti tọ́jú ègé páìpù tó gé náà sínú ọ̀rá, nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá dé màá fi hàn yín, ẹ máa rí i fúnra yín.

Ìkejì ni àjà yàrá àwọn ọmọ. Bálùwẹ̀ fúláàtì òkè ló wà lórí yàrá yẹn gan-an, ibi tí omi ìwẹ̀ wọn ń gbà jáde nílẹ̀ ti sán, gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ti wẹ̀ lókè ló ń jò sórí wa. Mi ò bá àwọn ará òkè jà o, ẹ̀bi wọn kọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ wẹ̀. Oṣù kẹfà ló bẹ̀rẹ̀ bí àbàwọ́n kékeré kan bí àwo ọbẹ̀, kó tó di oṣù keje ó ti fẹ̀ dé ibi gílóòbù, omi ń tẹ̀ lé wáyà wá, ni mo bá yọ gílóòbù kúrò mo sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan súwíìṣì yẹn mọ́. Síílìnì wá wú, ó yọ ikùn sílẹ̀. Lóru ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ló já, pátápátá, sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Ọlọ́run ló ní ká rí wọn, torí ooru tó mú lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n ti wá sùn sílẹ̀ ní pálọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ṣì ń gbọ́ ìró yẹn létí mi nígbà míì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo fi fótò ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí Wáásáàpù, ẹ ní ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ ní ẹ máa rán kiatékà wá, kiatékà sì wá lóòótọ́, ó wò ó, ó mi orí, kò sí nǹkan tó ṣe sí i títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Láti ọjọ́ yẹn yàrá kan ṣoṣo ni èmi àtàwọn ọmọ mẹ́ta ń sùn, yàrá kejì ti di ibi tá à ń gbé bàsíà méjì sí láti fi gbe omi.

Ti sókàwéè náà wà níbẹ̀, àmọ́ ìyẹn kan gbogbo ilé, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ó ti kún. Tí òjò bá ti rọ̀ ilẹ̀ ò gba omi mọ́, ìdọ̀tí á gba ojú ihò bálùwẹ̀ wa tó wà nísàlẹ̀ padà wá sókè. A ti dáwó gbé mọ́tò tó ń fa á wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí, mi ò tiẹ̀ ka owó yẹn mọ́ yín lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tó ń jáde lápò mi sà, torí ẹni tó bá dákẹ́ tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí tápù ò ṣe yọ yìí, mẹ́rúwà ni mo ń ra omi lọ́wọ́ wọn. Kẹ́ẹ̀gì márùn-ún lójúmọ́, ₦150 ni kẹ́ẹ̀gì kan, ìyẹn ₦750 lójúmọ́, ₦22,500 lóṣù tí mo bá fi ọgbọ̀n ọjọ́ kà á. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, oṣù méje, ó jẹ́ ₦157,500. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ọ́ sí, ojoojúmọ́ ni. Owó pulọ́ḿbà tí mo san ní oṣù kẹfà jẹ́ ₦14,500, ti oṣù kẹjọ tó wá dí ibi tó ń jò lókè fúngbà díẹ̀, tó tún sán padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, jẹ́ ₦23,500, rìsíìtì méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ẹ̀ papọ̀, ₦195,500. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe, ẹ mọ̀, owó yìí ju èrè tí mo rí lọ́dún Iléyá àti Àjíǹde pọ̀ lọ.

Ibi tọ́rọ̀ yìí wá dùn mí jù ni mẹ́sẹ́ẹ̀jì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ 20 oṣù kẹwàá, pé láti oṣù kìíní 2026 owó ilé máa kúrò ní ₦1,200,000 bọ́ sí ₦1,500,000. Mi ò sọ pé kí onílé má fi kún owó ilé, mo mọ iye tí sìmẹ́ǹtì ń jẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n sà, láti 2021 tí mo ti wọlé yín, mi ò pẹ́ san owó rí, kódà ọdún tí ọkọ mi ṣàìsàn, mo yá a kí n tó jẹ́ kó pé ọjọ́. Nígbà tí mo ń gba ilé yìí, yàrá méjì, kíṣìnì, bálùwẹ̀ àti omi lẹ ní mò ń sanwó fún. Ní báyìí yàrá kan ni mò ń gbé, omi sì wà lórí ọmọlanke. Báwo ni n ó ṣe wá sanwó ilé tó pé fún ilé tí kò pé?

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún rèé. Kí ẹ jọ̀ọ́ ní kí wọ́n wá yí laìnì páìpù wa sí oníke, kí wọ́n tún ojú ibi tí omi ìwẹ̀ ń gbà lókè ṣe, kí wọ́n sì kan síílìnì yàrá àwọn ọmọ padà, ó pẹ́ jù 15 oṣù Kejìlá. Mo mọ pulọ́ḿbà tó lè ṣe é, òun ló kọ iye ọjà tí wọ́n máa rà sílẹ̀, mo fi ìwé ẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, ẹ rán an wá, gbogbo ìgbà ni mo wà nílé.

Lórí owó, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí owó ilé 2026 jẹ́ ₦900,000. Ohun tí mo fi ṣe é ni pé ₦195,500 yẹn ti jáde lápò mi sórí ilé yín, ₦104,500 tó kù nínú ₦300,000 tí mo ní kẹ́ ẹ yọ yẹn sì jẹ́ ti yàrá tá ò lè sùn sí láti oṣù kẹjọ. Kò tiẹ̀ tó owó oṣù mẹ́rin yàrá yẹn tá a bá fẹ́ wọ̀n ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Tí àtúnṣe bá ti parí tí omi ń yọ, ní 2027 a lè wá jókòó sọ̀rọ̀ àfikún, mi ò ní sá. Tí iṣẹ́ náà bá wá kọjá oṣù kìíní tí wọn ò tíì ṣe é, kí ẹ bá mi yọ ₦25,000 lóṣù kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi parí.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo fẹ́ di owó mú. Lọ́jọ́ 1 oṣù kìíní, owó á wọ àkáǹtì yín. Mo sì ti bi èèyàn léèrè kí n tó kọ̀wé, wọ́n ní òfin ayálégbé Èkó ti 2011 ní kí ayálégbé sọ fún onílé tí nǹkan ńlá bá bàjẹ́, ohun tí mò ń ṣe nìyí, pé ó sì fún ayálégbé láyè láti lọ bá kóòtù tí àfikún owó ilé bá ti pọ̀ jù. Mi ò fẹ́ kóòtù o Dádì, ojú mi ò lè gbà á kí n máa wò yín ní kóòtù. Tá ò bá tiẹ̀ rí i yanjú láàárín ara wa, ọ́fíìsì ìlàjà ìjọba Èkó wà, Sítísìnsì Midiéṣọ̀n Sẹ́ńtà, wọn kì í gbowó, a lè jọ lọ jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrètí mi ni pé kò ní débẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lésì kó tó di 30 oṣù yìí, ẹ lè pè mí tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí Wáásáàpù. Tẹ́ ẹ bá lè wá fúnra yín, ó máa dùn mọ́ mi jù, ẹ wá ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, àsìkò tí àwọn òkè máa ń wẹ̀, kí ẹ dúró ní yàrá yẹn pẹ̀lú mi.

Ẹ bá mi kí Màmá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Àánú,
Fúláàtì kejì, ìsàlẹ̀.

Ohun tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí: ẹ̀dà rìsíìtì pulọ́ḿbà méjì, ojú ewé ìwé tí mo ń kọ owó omi sí, fótò mẹ́fà, àti ìwé iye ọjà tí pulọ́ḿbà kọ.