Fíìmù Agbárí

"Má tíì wo ibi tó wú. Ibi tó wú ò níí sá lọ. Orúkọ ni kó o kọ́kọ́ wò."

Omi ṣì ń kán sílẹ̀ lára fíìmù náà. Ẹ̀rọ tó máa ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ ti dákẹ́ láti ọ̀sán, ọwọ́ ni Bàbá Ràsákì fi fọ gbogbo ti alẹ́ yìí nínú yàrá òkùnkùn, òórùn kíkan kẹ́míkà sì bá wọn jáde títí dé ìdí àpótí iná. Ó fi férémù irin gbé fíìmù kọ́ síwájú iná, ó wá sún sẹ́yìn kí dókítà lè dúró sáàárín.

Mojísọ́lá ka orúkọ. Ó ka déètì. Ó wá lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń sàmì sí ẹ̀gbẹ́, ó sì rí i: L.

"Òsì nìyí, sà."

"Ó dáa. Ẹni tí kò bá wo lẹ́tà yẹn, ọjọ́ kan ni yóò ní kí wọ́n lu ihò sí ọ̀tún orí ẹni tó fi òsì ṣubú."

Tí èèyàn bá wà nítòsí, "Dókítà, ẹ wá" ni Bàbá máa ń wí fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó pé. Tó bá ku àwọn méjèèjì nídìí fíìmù, ọmọ ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ọdún tó ti lò nídìí ẹ́ksíréè ju ọjọ́ orí Mojísọ́lá lọ. Kò sí dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka fíìmù nílé ìwòsàn lóru, ẹni tó bá rán aláìsàn lọ ni yóò kà á. Bàbá kì í kọ èsì fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ bí ojú rẹ̀ bá rí nǹkan, á lẹ téèpù pupa kékeré mọ́ igun fíìmù. Mojísọ́lá rí téèpù pupa lára èyí. Ọkàn rẹ̀ lù kì.

"Bàbá, kí lẹ rí?"

"Mo ti ní kí nọ́ọ̀sì máa yẹ ojú ọmọ yẹn wò ní ìṣẹ́jú 15, 15. Wá a fúnra rẹ kíákíá. Bí mo bá sọ fún ọ, ti èyí nìkan lo máa mọ̀."

Ọmọ tí wọ́n ń sọ yìí jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Òdógùnyàn. Ọ̀kadà gbé e ṣubú ní Ìtamaga ní nǹkan bí aago 11 alẹ́, kò dé fìlà irin, ó dákú díẹ̀, ó sì jí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé e dé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọlé. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè, máàkì Gilásígò tí wọ́n fi ń wọn bí èèyàn ṣe wà lójúfò tó, tirẹ̀ pé 15 nínú 15, ó tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kóun máa lọ nítorí ọ̀gá òun ń lọ fi géètì sílẹ̀ ní Igbógbó láàárọ̀. Orí fífọ́ àti wíwú lókè etí òsì nìkan ló ń ṣe é. Mojísọ́lá kọ̀ láti jẹ́ kó lọ.

"Awọ orí," ni Bàbá wí, ó sì tan gílóòbù kékeré tí iná rẹ̀ mú ju ti àpótí lọ. "Láàárín iná funfun yìí, ẹran ara á dúdú pátá, o ò ní rí i. Gbé iná yìí sí i."

Ó gbé e sí fíìmù tí wọ́n yà láti iwájú. Eérú fẹ́ẹ́rẹ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun lápá òsì, ó nípọn níbi kan.

"Ó wú níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Fi í sọ́kàn, kó o sì fi í sílẹ̀. Tẹ̀ lé etí egungun lóde, kó o tún tẹ̀ lé e nínú. Yí i ká."

Mojísọ́lá fi ẹnu bírò yí i ká láìjẹ́ kó kan fíìmù: iwájú orí, àtàrí, ìpàkọ́. Ibi tí egungun àtàrí àti ti ìpàkọ́ ti pàdé, ó rí ìlà kan tó ń rìn ségesège. Ìyẹn kò dẹ́rù bà á, ó mọ̀ pé ojú ìránpọ̀ egungun ni, ó ní ibi tí gbogbo wọn máa ń wà, etí wọn sì máa ń funfun díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí òmíràn. Dúdú ni, ó gùn, ó gba ẹ̀bátí kọjá lọ sókè.

"Ó sán, Bàbá! Ẹ̀ẹ́ wo bó ṣe gùn tó."

"Tẹ̀ lé e dópin."

Ó tẹ̀ lé e. Ìlà náà ya sí méjì. Ọ̀kan nínú méjèèjì tún ya. Bí ó ṣe ń lọ sókè ló ń tín-ín-rín sí i, títí tí ó fi parẹ́ mọ́ egungun lọ́wọ́.

"Kí ló ń yà bẹ́ẹ̀?" Bàbá bi í. "Gbé ojú rẹ kúrò nílé ìwòsàn. Odò tó ń wọ inú ọ̀sà, bó o bá wò ó láti òkè, kì í ha ń ya bẹ́ẹ̀? Ipa òpó ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ló gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀ sí inú egungun láti kékeré ọmọ. Dúdú rẹ̀ kò jinlẹ̀, etí rẹ̀ kò mú. Egungun tó sán kì í mọ ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni gbẹ́. Ó ń lọ gbọnrangandan, dúdú rẹ̀ á mú, bó bá bá ipa ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, á gba orí rẹ̀ kọjá."

Mojísọ́lá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà nítòsí etí, ó sì sún mọ́ gíláàsì débi pé èémí rẹ̀ fẹ́ bo ojú rẹ̀. Ó ń wá ohun tó dá ipa ẹ̀jẹ̀ yẹn kọjá. Nǹkan bíi ìka méjì lókè ihò etí, ó rí i. Tín-ín-rín ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, èèyàn lè rò pé irun ló bọ́ sórí fíìmù. Kò ya. Etí méjèèjì rẹ̀ mú ṣáká. Ó gba orí odò yẹn kọjá.

Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi ẹnu bírò tọ́ka sí i, ó wo ojú Bàbá.

"Ẹ̀gbẹ́ wo?" ni Bàbá ní.

Ìbéèrè yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí nínú fíìmù tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́, egungun òsì àti ti ọ̀tún jọ lé ara wọn ni. Bàbá gbé fíìmù ẹ̀gbẹ́ kejì kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

"Nígbà tí mo ya èyí, etí òsì ló kan fíìmù. Nígbà tí mo ya ìkejì, ọ̀tún ló kàn án. Ohun tó bá sún mọ́ fíìmù ló máa ń mọ́. Ohun tó jìnnà sí i á fẹ̀, á sì ṣú."

Ó wò wọ́n síwá sẹ́yìn. Nínú ìkejì, ìlà yẹn wà, àmọ́ ó ti fẹ̀, etí rẹ̀ ti ṣú.

"Òsì ni. Abẹ́ ibi tó wú gan-an."

"Ǹjẹ́ egungun wọnú?"

"Mi ò rí ìlà funfun, sà." Ó ti kà á níwèé pé bí egungun bá wọnú, etí méjì á gun ara wọn, ibẹ̀ á sì funfun dípò kó dúdú. Fíìmù Táwùn, tí wọ́n fi iná gún láti òkè ní dígíríì 30 kí ìpàkọ́ lè hàn, kò ní nǹkan kan lára. Ihò afẹ́fẹ́ lábẹ́ agbárí náà dúdú dáadáa, omi ò dúró nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ọmọ náà fi lélẹ̀ tí iná sì gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, èyí tí í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ inú ihò yẹn hàn bó bá wà.

"Ká ní mi ò rí ìlà kankan ńkọ́, Bàbá? Mo lè jẹ́ kó lọlé?"

Bàbá mirí kíkankíkan. "Egungun ni ẹ̀rọ mi mọ̀. Kò mọ ọpọlọ, kò mọ ẹ̀jẹ̀. Mo ti ya agbárí tó dán bíi tuntun, tí ẹni tó ni ín kò sì jí láàárọ̀. Síkáànù ló lè fi ẹ̀jẹ̀ hàn ọ́. Fíìmù yìí kàn ń sọ fún ọ pé kó o má ṣe dúró dè é. Òpó ẹ̀jẹ̀ tí ìlà yẹn gbà kọjá, tó bá ti ya, á máa da ẹ̀jẹ̀ sáàárín egungun àti awọ tó bo ọpọlọ. Ẹni náà á máa bá ọ sọ̀rọ̀ lọ, á máa rẹ́rìn-ín, títí àyè á fi tán nínú orí rẹ̀. Lọ bá a."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré gba kọ́rídọ̀ kọjá. Nọ́ọ̀sì ti ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

Ọmọ náà ti sùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀, ó ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Mojísọ́lá pè é lórúkọ, kò dáhùn, ó pariwo orúkọ náà kó tó lajú. Ó bi í pé níbo ló wà, ó ní ṣọ́ọ̀bù. Máàkì Gilásígò rẹ̀ ti di 13. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 54 ní ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gòkè dé 160 lórí 90. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ọ̀tún, ọmọlójú sún kì. Ó tan án sí ti òsì. Ó tóbi ju ti ọ̀tún lọ, ó sì lọ́ra kó tó sún.

Wọ́n gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, wọ́n fún un ní ọ́síjìn, wọ́n so ìgò ńlá kan ti máníítọ́ọ̀lù, oògùn tó ń dín ìfúnpá inú orí kù, mọ́ ọn, wọ́n sì ki kátítà sí i fún ìtọ̀. Dókítà àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wá, ó wò ó, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ìkẹjà láìfi àkókò ṣòfò, kí Mojísọ́lá pe àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ṣáájú. Bàbá Ràsákì gbé fíìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde lórí férémù wọn, wọn ò tíì gbẹ, ó sì lọ so wọ́n mọ́ ibi tí wọ́n ń fi dírípù kọ́ nínú ambúláǹsì kí wọ́n má bàa lẹ̀ mọ́ ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé jókòó tì í," ni Mojísọ́lá wí fún obìnrin náà. "Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kó dákẹ́ pẹ́."

"Dókítà, ṣé ó máa yè?"

"Mo ń bá yín lọ, mà."

Foonu wọlé nígbà tí ọkọ̀ ń jáde sí títì Sábọ̀ọ́. Ohùn ẹni tó gbé e ní Ìkẹjà wúwo fún oorun. "Kí lẹ rí?"

"Ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, ó ṣubú lórí ọ̀kadà ní aago 11. Awọ orí wú lápá òsì. Egungun ẹ̀bátí òsì sán, ìlà kan ṣoṣo, ó gba orí ipa òpó ẹ̀jẹ̀ kọjá, kò wọnú. 15 ni nígbà tó dé, ó ti di 13. Ọmọlójú òsì ti ń tóbi."

Ohùn náà yí padà. "Níbo lẹ dé?"

"A ń wọ Ògólóńtò, sà."

"Títì ṣófo nísinsìnyí, ẹ má dúró níbì kankan ní Máìlì 12. Mo ń jí àwọn ará yàrá iṣẹ́ abẹ."