Ìdánrawò 14: ìtànká ìpíndọ́gba sáńpù, láti inú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́

Fọ́tò rẹ ti dé. Òjìji ọwọ́ rẹ bo igun kan, ojú ìwé náà sì ká níbi tí wọ́n ti dì í, ṣùgbọ́n mo fẹ̀ ẹ́ títí mo fi rí gbogbo rẹ̀ kà. Mo tún un kọ síbí kí ohun kan náà lè wà níwájú àwa méjèèjì:

14. Àkókò tí oníbàárà kan fi ń dúró lórí fóònù kí wọ́n tó dá a lóhùn ní ìpíndọ́gba μ = 4 ìṣẹ́jú, ìyapa òṣùwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ σ = 4 ìṣẹ́jú. Púpọ̀ nínú àwọn àkókò náà kúrú, díẹ̀ sì gùn gan-an, tó fi jẹ́ pé ìrù ìtànká wọn nà lọ sí apá ọ̀tún. A ṣa oníbàárà 64 láìṣojúsàájú, a sì ṣírò x̄, ìpíndọ́gba àkókò tí àwọn 64 náà fi dúró.

(a) Sọ ìpíndọ́gba x̄, ìyapa òṣùwọ̀n rẹ̀ àti ìrísí ìtànká rẹ̀.
(b) Kí ni ìṣeéṣe pé x̄ ju ìṣẹ́jú 5 lọ?
(d) Kí ni ìṣeéṣe pé x̄ wà láàárín ìṣẹ́jú 3.5 àti 4.5?
(e) Ǹjẹ́ a lè gba ọ̀nà kan náà wá ìṣeéṣe pé oníbàárà kan ṣoṣo dúró ju ìṣẹ́jú 5 lọ? Ṣàlàyé.
(ẹ) Oníbàárà mélòó ni a ó ṣà kí ìyapa òṣùwọ̀n x̄ tó di ìṣẹ́jú 0.25?

Mo rí ohun tí o fi pẹ́ńsù kọ sí ẹ̀gbẹ́ (b): z = (5 − 4)/4 = 0.25, ìdáhùn 0.4013. Mo tún rí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀: «n ju 30 lọ, nítorí náà àkókò àwọn oníbàárà jẹ́ nọ́mà». Ibi kan náà ni àṣìṣe méjèèjì ti wá, torí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u kí a tó fọwọ́ kan tábìlì z.

Ká ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń ṣe ìdánrawò yìí, tí oníkálukú lọ ṣa oníbàárà 64 tirẹ̀, tó sì mú x̄ kan ṣoṣo bọ̀. Ẹnì kan á ní 3.8, ẹlòmíràn 4.4, ẹlòmíràn 3.1. Ẹgbẹ̀rún x̄ yẹn, bí wọ́n ṣe tò káàkiri orí ìlà, ni ìwé ń pè ní ìtànká ìpíndọ́gba sáńpù. Kì í ṣe ìtànká àkókò oníbàárà, kì í sì í ṣe ìtànká nọ́ńbà 64 tó wà lọ́wọ́ rẹ. Àkókò oníbàárà kò yí padà nítorí pé o ṣa ènìyàn púpọ̀. Bó ṣe tẹ̀ sí ọ̀tún tẹ́lẹ̀ ló ṣì tẹ̀. Kódà bí sáńpù bá ṣe tóbi sí i ni àwòrán rẹ̀ yóò ṣe jọ ìtẹ̀ yẹn sí i. x̄ nìkan ni tíọ́rẹ́ẹ̀mù ààlà àárín ń sọ̀rọ̀ lé lórí. (George Pólya ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1920. «Àárín» inú orúkọ náà kò kan àárín ìlà rárá. Ó ń sọ bí tíọ́rẹ́ẹ̀mù náà ti ṣe pàtàkì tó nínú ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe.)

(a) Ìpíndọ́gba x̄ kò kúrò ní 4. Fún ìyapa, rántí pé bí àwọn nọ́ńbà kò bá gbára lé ara wọn, σ² wọn la máa ń rò pọ̀, kì í ṣe σ. Àròpọ̀ oníbàárà 64 ní 64σ². Nígbà tí a bá pín àròpọ̀ náà sí 64, σ² á pín sí 64², ó wá ku σ²/64. Rúùtù rẹ̀ ni:

σ/√n = 4/√64 = 4/8 = 0.5 ìṣẹ́jú

Àwọn ìwé kan ń pe 0.5 yìí ní àṣìṣe òṣùwọ̀n. Mi ò fẹ́ràn orúkọ náà, torí kò sẹ́ni tó ṣe àṣìṣe kankan. Ní ti ìrísí, ó súnmọ́ nọ́mà. Kọ «súnmọ́», má kọ «jẹ́». Olùkọ́ tó bá le yóò yọ máàkì lórí ọ̀rọ̀ kan yẹn.

(b) x̄ ni wọ́n béèrè, nítorí náà 0.5 la ó fi pín, kì í ṣe 4:

z = (5 − 4)/0.5 = 2
P(x̄ > 5) ≈ 1 − 0.9772 = 0.0228

Fi wé 0.4013 tìrẹ. Oníbàárà kan lè dúró ju ìṣẹ́jú 5 lọ láìyani lẹ́nu. Kí ìpíndọ́gba 64 tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó pẹ́ ní láti borí àwọn tí wọ́n tètè dá lóhùn, èyí kì í sì í sábà ṣẹlẹ̀.

(d) z = −1 àti z = 1, nítorí náà 0.8413 − 0.1587 = 0.6826. Kò sí wàhálà níbí.

(e) Rárá. Ẹnì kan ṣoṣo túmọ̀ sí n = 1, a sì padà sí ìtànká tó tẹ̀ sí ọ̀tún. Ìdánrawò kò fún wa ní fọ́múlà rẹ̀, ìdáhùn tó péye kò sì sí. 0.4013 tí o rí jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò béèrè: ó gbà pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́mà. Wo ohun tí nọ́mà tó ní μ = 4 àti σ = 4 yóò sọ: nǹkan bí 16 nínú 100 oníbàárà yóò dúró fún àkókò tó kéré sí òdo! Bí a bá gbà pé ìtànká náà jẹ́ ẹkisipónẹ́ńṣíà, níbi tí μ àti σ ti máa ń dọ́gba bíi tiwa yìí, ìṣeéṣe náà á jẹ́ e^(−5/4) ≈ 0.2865.

Lórí àbá kan náà, a lè yẹ (b) wò láìlo nọ́mà rárá. Ìdáhùn tó péye á tó nǹkan bí 0.029, kì í ṣe 0.0228. Ìtẹ̀ ọ̀tún kò tíì tán pátápátá nínú x̄ pẹ̀lú n = 64, ìdí nìyẹn tí ìrù ọ̀tún fi wúwo díẹ̀ ju bí tábìlì ṣe sọ. Nítorí náà má sọ 30 di òfin. Bí ìtànká bá dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, n tó kéré jù bẹ́ẹ̀ á tó. Bó bá tẹ̀ gan-an, 30 kò ní tó. Bí σ kò bá sì lópin, tíọ́rẹ́ẹ̀mù yìí kò ṣiṣẹ́, bó ti wù kí n tóbi tó.

(ẹ) 4/√n = 0.25, nítorí náà √n = 16, n = 256. A fẹ́ dín ìyapa kù sí ìdajì, ó sì ná wa ní ìlọ́po mẹ́rin oníbàárà.

Tún (b) ṣe pẹ̀lú n = 16 àti ìṣẹ́jú 6 dípò 5. Wàá rí z = 2 lẹ́ẹ̀kan sí i. Kọ ìlà méjì ránṣẹ́ sí mi lórí ìdí tí 0.0228 kò fi ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀ bó ṣe ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé níbí, kí o sì yọ ọwọ́ rẹ kúrò lójú iná kí o tó ya fọ́tò.